Ìfiwéra Iṣẹ́ Méjì: Ohun tí Owó Oṣù Nìkan Kò Lè Sọ

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kan, tó jẹ́ oníṣirò owó ní Ìbàdàn, gbé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ méjì wá bá mi nílé. Èkíní wá láti ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà, níbi tí òṣìṣẹ́ mọ́kànlá péré wà. Èkejì wá láti ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ní Olúyọ̀lé, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì lé ní ọgọ́rin. Àwọn ti Bódìjà fẹ́ máa san ₦340,000 lóṣù, àwọn ti Olúyọ̀lé sì fẹ́ máa san ₦300,000. Ìyàtọ̀ ₦40,000 lóṣù yìí di ₦480,000 lọ́dún, ọkàn àbúrò mi sì ti lọ sí Bódìjà pátápátá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn bá mi kà á kí n tó fọwọ́ sí i ni."

A jọ jókòó, a ka lẹ́tà méjèèjì láti òkè dé ilẹ̀, a sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, báyìí:

| Ohun tí a wò | Bódìjà | Olúyọ̀lé |
|---|---|---|
| Owó oṣù | ₦340,000 | ₦300,000 |
| Ìdá owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ ń san | Kò sí | 10% |
| Adójútòfò ìlera | Kò sí | Òun, ọkọ àti ọmọ |
| Ìsinmi ọdọọdún | Ọjọ́ iṣẹ́ 6 | Ọjọ́ iṣẹ́ 20 |
| Ìsinmi ìbímọ | Ọ̀sẹ̀ 12, ìlàjì owó oṣù | Ọ̀sẹ̀ 12, owó oṣù pípé |

Bí ẹ bá ní lẹ́tà méjì lọ́wọ́, irú àtẹ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àtẹ kò tíì ṣeé fi wéra, nítorí pé a kò lè fi ọjọ́ ìsinmi wé owó, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi káàdì ilé ìwòsàn wé owó ìfẹ̀yìntì, àfi tí a bá kọ́kọ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di náírà lọ́dún. Mo fi owó orí sílẹ̀ nínú gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́jú pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin kò gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá.

Owó ìfẹ̀yìntì

Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni bá ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ náà sì san ó kéré tán ìdá mẹ́jọ, sínú àpò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣí ní orúkọ òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló wà ní Bódìjà, nítorí náà wọn kò rú òfin kankan bí wọn kò bá san nǹkan kan. Mo sọ èyí fún àbúrò mi kí ó má bàa rò pé àwọn ènìyàn náà ń rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìṣirò yìí ṣe ni pé wọ́n máa ń mú ìdá mẹ́wàá gbogbo owó oṣù. Ohun tí òfin sọ ni pé owó tí a óò fi ṣe ìṣirò kò gbọdọ̀ kéré sí àpapọ̀ mẹ́ta: ìpìlẹ̀ owó oṣù tí a ń pè ní béésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Nínú lẹ́tà Olúyọ̀lé, béésíìkì jẹ́ ₦150,000, owó ilé ₦60,000, owó ọkọ̀ ₦45,000, ₦45,000 tó kù sì jẹ́ àwọn àjẹmọ́nú mìíràn. Àpapọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ₦255,000. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ yóò san jẹ́ ₦25,500 lóṣù, ìyẹn ₦306,000 lọ́dún. Ìdá mẹ́jọ tí wọn yóò yọ nínú owó àbúrò mi jẹ́ ₦20,400. Nítorí náà, ₦45,900 ni yóò máa wọ àpò náà lóṣooṣù.

Ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa níbi tí wọ́n ti pín owó oṣù yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Mo ti rí lẹ́tà kan tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 bákan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ béésíìkì sí ₦60,000, owó ilé sí ₦30,000, owó ọkọ̀ sí ₦30,000, tí wọ́n sì kó gbogbo ìyókù sábẹ́ owó iná, owó aṣọ, owó ìròyìn àti owó àlejò. Ìdá mẹ́wàá tí agbanisíṣẹ́ yẹn ń san kò ju ₦12,000 lọ. Lẹ́tà méjèèjì ló kọ "10%" sílẹ̀, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ ọ̀kan kò tó ìlàjì ìkejì. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ béèrè tààrà ni bóyá ìdá mẹ́wàá náà wà lórí owó oṣù tàbí nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dárúkọ gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ yóò ná wọn, títí kan ìdá ìfẹ̀yìntì tiwọn, kí wọ́n tó wá pè é ní owó oṣù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀kan nínú owó oṣù, ẹ má tún kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àmọ́ ₦306,000 tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ₦306,000 tó wà lọ́wọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni àbúrò mi, àpò yìí kì í sì í ṣí fún ènìyàn kí ó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún tàbí kí ó tó fẹ̀yìn tì, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé àádọ́ta, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí iṣẹ́ mìíràn, ó lè gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí ọ̀wọ́n gógó ọjà ń ṣe sí owó tó bá pẹ́ nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alámòójútó ń fi owó náà ṣòwò, tí èrè rẹ̀ sì ń wọlé. Nítorí ìdí yìí, mi ò kà á ní odindi. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni mo máa ń kà á sí fún ọ̀dọ́ tó ní ìnáwó púpọ̀ níwájú, ìyẹn ₦204,000 nínú ọ̀rọ̀ ti àbúrò mi. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́ta lè kà á ní odindi. Kì í ṣe òfin ẹnikẹ́ni, ojú tí mo fi ń wò ó ni.

Ó ku ohun kan lórí owó ìfẹ̀yìntì, òun ló sì dùn mí jù nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé owó oṣù mi fi hàn fún oṣù mẹ́rìnlá pé wọ́n ń yọ ìdá mẹ́jọ tèmi. Nígbà tí mo gba àkọsílẹ̀ àpò mi lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ alámòójútó owó ìfẹ̀yìntì, ìgbà márùn-ún péré ni owó wọlé. Mo fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: oṣù kìíní wà níbẹ̀, oṣù kejì wà, ìkẹta wà, lẹ́yìn náà àlàfo tó gùn, kí méjì mìíràn tó tún yọjú. Owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mi pàápàá kò dé ibi tó ń lọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti agbanisíṣẹ́. Òfin sì sọ pé owó náà gbọ́dọ̀ dé inú àpò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó oṣù, àti pé ẹni tó bá dá a dúró yóò san owó ìtanràn tí kò ní dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka ìdá mẹ́wàá ilé iṣẹ́ kankan sí owó, ẹ wá ẹni kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó kẹ́yìn tí àwọn alámòójútó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Oṣù wo ni owó náà wà fún? Bí ó bá jẹ́ ti oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti oṣù méje sẹ́yìn, òfo ni kí ẹ kọ sí ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ńtírákìtì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí ètò ìfẹ̀yìntì pé òun ń san owó yìí déédéé, ẹ sì lè béèrè bóyá wọ́n ní ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀.

Òfin kan náà yìí ló ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí owó rẹ̀ kò ní dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Fún iṣẹ́ Olúyọ̀lé, èyí jẹ́ ₦10,800,000 fún àwọn tó fi sílẹ̀ bí ó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. A kò fi í sínú ìṣirò, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i lò, ṣùgbọ́n òbí tó ní ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Adójútòfò ìlera

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti sọ èyí di náírà ni pé kí ẹ béèrè iye tí ẹ óò san bí ẹ bá fẹ́ ra irú ètò kan náà fúnra yín. Àbúrò mi pe ilé iṣẹ́ adójútòfò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà Olúyọ̀lé, wọ́n sì sọ fún un pé ₦240,000 lọ́dún ni òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn kan yóò san fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Iye yẹn la kọ sílẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ àwọn tí ètò náà bò. Ètò kan lè wà fún òṣìṣẹ́ nìkan, kí lẹ́tà sì kàn kọ "ìtọ́jú ìlera wà" láìsọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Olúyọ̀lé sọ ọ́ yanjú: òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Kò sí bàbá tàbí ìyá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ètò yìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba ìwé tó to orúkọ àwọn ilé ìwòsàn inú ètò náà, kí ẹ sì wá èyí tó sún mọ́ ilé yín, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ọ́fíìsì. Òru ni ara ọmọ sábà máa ń gbóná. Ní òru ọjọ́ kan báyìí, mo gbé ọmọ mi dé ilé ìwòsàn kan, mo nawọ́ káàdì sí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu gbígbà àlejò, ó wo káàdì náà, ó wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò tíì fún wa ní kóòdù." Kóòdù yìí ni nọ́ńbà ìyọ̀ǹda tí ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń fi ránṣẹ́ kí ilé ìwòsàn tó ṣe àyẹ̀wò tàbí ìtọ́jú tó bá kọjá èyí tó wọ́pọ̀. Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi jókòó lórí àga onípákó tí ọmọ ń gbóná lọ́rùn mi, nígbà tó yá mo san owó àyẹ̀wò láti inú àpò ara mi. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ní kí àbúrò mi bi òṣìṣẹ́ tó ti wà ní Olúyọ̀lé ni: "Nígbà tí ẹ lo káàdì yìí gbẹ̀yìn, báwo ni kóòdù ṣe pẹ́ tó, ṣé ẹ sì san nǹkan kan kún un?" Ìdáhùn tó rí gbà ni pé àìsàn tó wọ́pọ̀ kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ abẹ ní iye tí wọn kò lè kọjá lọ́dún kan, àti pé obìnrin gbọ́dọ̀ ti wà nínú ètò náà fún iye oṣù kan kí wọ́n tó lè san owó ìgbẹ̀bí rẹ̀. Ohun méjèèjì yìí wà nínú ìwé ètò náà, ní àwọn ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Ohun tó lè sọ gbogbo ₦240,000 yìí di òfo ni pé kí ọkọ tàbí aya yín ti ní ètò tó bo gbogbo ilé níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Káàdì méjì kò túmọ̀ sí ìlera lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ àbúrò mi ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, kò ní irú rẹ̀, nítorí náà a kà á ní odindi.

Ìsinmi

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà tí Bódìjà kọ sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n hùmọ̀ fúnra wọn. Iye tó kéré jù tí òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù méjìlá nìyẹn, àwọn tí òfin náà sì ń bá sọ ní pàtàkì ni àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ọ̀gá tàbí ti onímọ̀, lẹ́tà yín gan-an ni ààbò yín, nítorí náà ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ọjọ́ tí wọ́n ń kà. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Ọjọ́ mọ́kànlélógún tí wọ́n bá ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹni tó bá kàn wo nọ́ńbà yóò rò pé èkejì ló pọ̀ jù.

Láti sọ ọ́ di náírà, ẹ fi iye ọjọ́ iṣẹ́ ọdún kan, tó jẹ́ nǹkan bí 260, pín owó ọdún. Ní Olúyọ̀lé, ₦3,600,000 tí a fi 260 pín jẹ́ nǹkan bí ₦13,850 lójúmọ́. Ìyàtọ̀ ọjọ́ ìsinmi láàárín iṣẹ́ méjèèjì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦194,000. Owó yìí kì í wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ kékeré tí ilé ìwé ń fún ní ìsinmi yóò san án fún ẹlòmíràn tí kò bá sí ọjọ́ tirẹ̀. Kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n lo ọjọ́ wọn tán ní tòótọ́, àti bóyá èyí tó bá kù ń ṣí wọ ọdún tó tẹ̀ lé e tàbí ó ń ṣòfò.

Ìsinmi ìbímọ ló wúwo jù lọ nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé òun àti ọkọ rẹ̀ ń retí àtibí ọmọ kejì láàárín ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin sọ, pẹ̀lú owó tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlàjì owó oṣù fún obìnrin tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́. Bódìjà dúró lórí ìlàjì yẹn gẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ní Bódìjà ní ìlàjì owó túmọ̀ sí pé ó lé ní ₦470,000 tí kò ní wọlé. Bí ó bá bí ọmọ kan péré níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ₦480,000 tí Bódìjà fi ju Olúyọ̀lé lọ ní ọdún náà tán.

Bí a ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ parí

Ní ọdún tí kò sí ìbímọ, Bódìjà fi ₦480,000 ṣáájú. Olúyọ̀lé ní ₦204,000 láti inú owó ìfẹ̀yìntì, ₦240,000 láti inú ìlera, àti ₦194,000 láti inú ìsinmi, tó jẹ́ ₦638,000. Olúyọ̀lé ló borí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó láti yí i padà: ká ní ọkọ rẹ̀ ti ní ètò ìlera tó bo gbogbo wọn ni, iye yẹn ìbá já wálẹ̀ sí ₦398,000, Bódìjà ìbá sì borí. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ fún ẹlòmíràn tó ní lẹ́tà méjì kan náà pé kí ó mú ti Olúyọ̀lé.

Ohun kan ṣì wà tí àròpọ̀ ọdún kì í fi hàn. Ní Olúyọ̀lé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ₦20,400 rẹ̀, ₦279,600 ni yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ sí ti Bódìjà kì í wá ṣe ₦40,000 mọ́, ó ti di ₦60,400 lóṣooṣù. Ẹni tó ń san gbèsè, tí owó ilé ìwé sì ti tó san, lè mọ̀ dáadáa pé Olúyọ̀lé ló dára jù lọ́dún, kí oṣù kẹta má sì lè dópin lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà a mú ìwé ìnáwó ilé rẹ̀, a sì ka ìnáwó oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ní oókan-oókan. ₦279,600 yóò tó o, bí ó bá dáwọ́ àjọ kan dúró nínú méjì tó ń dá.

Kí ó tó dáhùn, ó kọ̀wé sí Bódìjà pé bí wọ́n bá lè san ₦380,000, kí wọ́n sì fún òun ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, inú òun yóò dùn láti wá. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé agbára àwọn kò kọjá ₦350,000. Ó fọwọ́ sí ti Olúyọ̀lé, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, tó ti ní láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé nọ́ńbà yẹn kì í yí padà bí ènìyàn bá pààrọ̀ iṣẹ́. Wọ́n san owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ iṣẹ́ méje. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i: ₦45,900 ti wọlé.